Ó jẹ 42 nínú 100, owó rẹ̀ ṣì dín: àkọsílẹ̀ tírédì kan àti ìṣirò ojú ọ̀mì

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àbúrò ìyàwó mi ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́, ó wá ń fi fọ́rẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ríra àti títa owó orílẹ̀-èdè, kún un. Pọ́n-ùn sí dọ́là nìkan ló ń tà, èyí tí a máa ń rí lójú fóònù bíi GBPUSD. $500 ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tírédì rẹ̀ pé 100, $305 ló kù nínú akáǹtì. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ akáǹtì náà wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ó dà bíi pé bírókà yìí ń jí mi lówó ni.”

Bírókà ni ilé iṣẹ́ tó ń bá a gbé tírédì rẹ̀ wọ ọjà. Kò kàn sọ ọ́ lásán. Ó ti ṣírò kó tó wá, ìṣirò rẹ̀ sì gún régé lójú. Ètò rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tó bá wọ ọjà, sítọ́ọ̀pù, ibi tí tírédì yóò ti parí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àdánù, yóò jìnnà sí ibi tó ti wọlé ní píìpù 20, tágẹ́ẹ̀tì, ibi tí yóò ti parí pẹ̀lú èrè, yóò jìnnà ní píìpù 40. Píìpù kan ni ìgbésẹ̀ 0.0001 nínú iye pọ́n-ùn sí dọ́là. Lọ́ọ̀tì, ìyẹn ìwọ̀n bí tírédì ṣe tóbi tó, 0.05 ló ń lò, nítorí náà píìpù kan jẹ́ $0.50 lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí sítọ́ọ̀pù bá gbé e, $10 lọ. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá pé, $20 wọlé. Ẹni tó ń fi mẹ́wàá wá ogún, bó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, kò jèrè, kò sì jẹ gbèsè. Ọ̀mì nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é nídìí ayò. Ojú ọ̀mì ni mo máa pe ìwọ̀n náà, ìyẹn iye tírédì tó gbọ́dọ̀ jẹ nínú 100 kí owó tó wọlé àti èyí tó jáde tó dọ́gba:

```
ojú ọ̀mì = àdánù / (èrè + àdánù)
        = 10 / (20 + 10)
        = 33.3%
```

Tírédì rẹ̀ 42 ló jẹ nínú 100. 42 ju 33.3 lọ dáadáa. Ó tún lọ síwájú, ó ṣírò èrè ìrètí, ìyẹn ohun tó yẹ kí tírédì kọ̀ọ̀kan máa mú wálé bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba:

```
0.42 × 20 − 0.58 × 10 = 8.40 − 5.80 = +2.60
```

Bí tírédì kan bá ń mú $2.60 wálé, 100 yóò mú $260 wálé. Ó yẹ kí akáǹtì wà ní $760. $305 ló wà. $455 ti sọnù láàárín ìṣirò àti ojú akáǹtì, bírókà ló sì wà láàárín méjèèjì. Èmi náà mọ ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi lọ síbẹ̀.

Kò sí àṣìṣe nínú ìsọdipúpọ̀ tàbí ìyọkúrò rẹ̀. Ohun tí mo bi í ni pé níbo ló ti rí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní inú àkọsílẹ̀ akáǹtì ni òun ti rí 42. 20 àti 10 ńkọ́? Ó ní, “Ètò mi ni, ẹ̀gbọ́n.” Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ti mú ìwọ̀n jíjẹ rẹ̀, ohun tó ní lọ́kàn ló ti mú èrè àti àdánù, ó wá so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé wọn mọ ara wọn.

Ẹni tó bá ń lo MetaTrader, ẹ̀rọ tí a fi ń ta fọ́rẹ́ẹ̀sì, kò nílò kó máa fọwọ́ kà á. Lórí kọ̀ǹpútà, a ó ṣí History, a ó fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, a ó sì yan Report. Nísàlẹ̀ ìwé tó bá jáde, ìlà kan wà tó ń jẹ́ `Profit Trades (% of total)`. Ìyẹn nìkan ni àbúrò mi ń wò. Nítòsí rẹ̀ ni `Average profit trade` àti `Average loss trade` wà, èyí tó ń sọ iye tí èyí tó jẹ ń mú wálé ní ti òdodo àti iye tí èyí tó pàdánù ń kó lọ. `Expected Payoff` sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun gan-an ni èrè ìrètí tí à ń wí. Àmì ìyọkúrò ló wà níwájú tirẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ látìgbà tó ti ń wo ìlà kan ṣoṣo yẹn.

Mo ní ká tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dípò ká gba ìpíndọ́gba gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó pàdánù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀sùn bírókà ti lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tírédì 58 ló pàdánù. Nínú ìwé náà, a kọ iye owó tí a fi sítọ́ọ̀pù sí, a sì kọ iye owó tí tírédì fi parí. Ẹni tí bírókà bá ń rẹ́ jẹ yóò rí i pé nọ́ńbà méjèèjì ń jìnnà síra wọn, tí ìyàtọ̀ náà sì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínláàádọ́ta nínú wọn parí níbi tó fi sítọ́ọ̀pù sí gan-an, pẹ̀lú sẹ́ńtì díẹ̀ tó ń lọ sókè sísàlẹ̀. $10, $10, $10, títí dé $490. Bírókà mọ́ nínú ìyẹn.

Mẹ́sàn-án tó kù ló yàtọ̀. $18 ni ìpíndọ́gba àdánù wọn, òmíràn sì tó $20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí ẹni tó fi sítọ́ọ̀pù sí $10 ṣe lè pàdánù $20 lójú ọjà tó ń rìn jẹ́jẹ́, àfi bó bá gbé sítọ́ọ̀pù náà kúrò níbi tó wà. Mo bi í, ó dákẹ́. A ṣí Journal, ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ wa bá tẹ̀ sílẹ̀, a sì bá gbogbo ìgbà tó yí sítọ́ọ̀pù padà níbẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀. Mẹ́sàn-án yẹn lápapọ̀ kó $162 lọ. Àdánù gbogbo wá jẹ́ $652.

Journal tún fi ohun kan hàn wá tí àkọsílẹ̀ lásán kò lè fi hàn. Sítọ́ọ̀pù mẹ́tàlá ló gbé, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú wọn là á já. Ọ̀kan rèé: ó ra ní 1.2700, sítọ́ọ̀pù wà ní 1.2680, tágẹ́ẹ̀tì wà ní 1.2740. Ọjà wálẹ̀ dé 1.2683, ó gbé sítọ́ọ̀pù lọ sí 1.2660. Ọjà tún wálẹ̀ dé 1.2662, píìpù méjì péré ló kù kó gbé e, ó wá padà sókè. Nígbà tó dé 1.2712, ó ti tẹ Close. Ó fi píìpù 40 wewu, ó kó píìpù 12 wálé, ìyẹn $6. Èrè ló sì fara hàn nínú ìwé, ó kà á mọ́ 42 tó jẹ. Àwọn mẹ́rin yìí ni kò jẹ́ kó jáwọ́ nínú àṣà náà, nítorí pé ó rántí gbogbo wọn dáadáa.

Ó wá kan àwọn tó jẹ. Nínú 42, mẹ́tàlá péré ló dé tágẹ́ẹ̀tì tó sì mú $20 wá, àpapọ̀ $260. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù, ọwọ́ rẹ̀ ló fi pa wọ́n. Ó rí èrè díẹ̀, àyà rẹ̀ já, ó kó o. $8 ni ìpíndọ́gba wọn, àpapọ̀ $232. Gbogbo èrè wá jẹ́ $492.

Ó ku kọmíṣọ́ọ̀nù. Bírókà rẹ̀ ń gba $7 lórí lọ́ọ̀tì kan gbáko, àtiwọlé àtijáde. Lórí 0.05, ó jẹ́ $0.35 fún tírédì kan, ì báà jẹ, ì báà pàdánù. Ní 100, ó di $35. Akáǹtì tí kò ní sùwáàpù, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwa Mùsùlùmí, ni tirẹ̀, nítorí náà kò sí owó mìíràn tó ń yọ lóru. $492 wọlé, $652 jáde, $35 lọ fún bírókà: $195 ló dín. $500 yọ $195 jẹ́ $305. Sẹ́ńtì kan kò sọnù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà tó ṣẹlẹ̀ ṣe ìṣirò kan náà tó ṣe. Bí a bá pín $492 sí ọ̀nà 42, $11.71 ni. A yọ kọmíṣọ́ọ̀nù, ó ku $11.36. Bí a bá pín $652 sí ọ̀nà 58, $11.24 ni. A fi kọmíṣọ́ọ̀nù lé e, ó di $11.59.

```
ojú ọ̀mì  = 11.59 / (11.36 + 11.59) = 50.5%
èrè ìrètí = 0.42 × 11.36 − 0.58 × 11.59 = −1.95
```

Ẹni tó rò pé òun ń fi mẹ́wàá wá ogún, ó ń fi mọ́kànlá àti ààbọ̀ wá mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Ojú ọ̀mì rẹ̀ kì í ṣe 33.3 mọ́, ó ti kọjá 50. 42 kò sì dé ibẹ̀.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ẹ ó ti mọ ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní fọ́rẹ́ẹ̀sì ló ń sọ ọ́: má fọwọ́ kan tírédì, jẹ́ kó dé tágẹ́ẹ̀tì, má gbé sítọ́ọ̀pù. Àbúrò mi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ni pé ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀ ni, mo ti ní $760.” Mo ní ká yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ìdí ni pé 42 yẹn kì í ṣe nǹkan tó dá dúró. Ọwọ́ tó ń tètè kó èrè ló bí i. Tírédì tó bá lọ sókè ní píìpù 16 kó tó já wálẹ̀ sí sítọ́ọ̀pù, ẹni tó fọwọ́ pa á ní 16 ti kà á mọ́ èyí tó jẹ. Ẹni tó ń dúró de 40 yóò kà á mọ́ èyí tó pàdánù. Bí a bá yí ọ̀nà àtijáde padà, a ti yí iye tó ń jẹ padà nìyẹn. A kò lè mú 42 láti ọwọ́ ẹni tó ń tètè jáde, ká lọ fi fún ẹni tó ń dúró.

A jókòó sídìí ṣáátì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, a sì tọ ipasẹ̀ gbogbo tírédì tó fọwọ́ pa, ká lè mọ̀ bóyá tágẹ́ẹ̀tì ni ọjà ì bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn tàbí sítọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ tó ń sú ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ṣọ́ nǹkan méjì. Èkíní, iye tí wọ́n ń fi ra á lọ́wọ́ wa ni ṣáátì MetaTrader máa ń yà, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á fún wa. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ńṣe ni a tà kí a tó rà, a ní láti fi sípírẹ́ẹ̀dì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì, kún ohun tí ojú rí kí a tó sọ pé sítọ́ọ̀pù kò gbé e. Èkejì, bí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo bá fọwọ́ kan tágẹ́ẹ̀tì àti sítọ́ọ̀pù pọ̀, a kò lè mọ èyí tó ṣáájú. Mo ní ká ka gbogbo irú ẹ̀ sí àdánù. Àbúrò mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò tó bá ń ṣe ojúsàájú fún olówó rẹ̀ kò wúlò fún un.

Èyí ni ohun tí a bá. Mẹ́tàlá tó dé tágẹ́ẹ̀tì, kò sí ìyípadà. Àwọn 58 tó pàdánù, ì bá pàdánù náà ni. Mẹ́rin tó gbé sítọ́ọ̀pù tó sì là á já, àdánù ni wọn lábẹ́ ètò. Ó ku 25. Mẹ́rìnlá nínú wọn ì bá dé tágẹ́ẹ̀tì bó bá fi wọ́n sílẹ̀. Mọ́kànlá ì bá padà wá bá sítọ́ọ̀pù. Àpapọ̀ èyí tó jẹ jẹ́ 27, èyí tó pàdánù jẹ́ 73.

```
27 × 20 − 73 × 10 − 35 = −225
```

Ẹni tó tẹ̀ lé ètò láìyẹsẹ̀ ì bá pàdánù $225. Ẹni tó tàpá sí i, tó ń gbọ̀n, tó ń gbé sítọ́ọ̀pù, $195 ló pàdánù. Ìyàtọ̀ $30 nínú tírédì 100 kò já mọ́ nǹkan kan. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. $760 tó ń wí, kò fìgbà kan sí nílẹ̀.

Ó bí i nínú. Ó ní ṣebí ó dára kéèyàn máa wá méjì pẹ̀lú ọ̀kan? Ibí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí.

Ẹ gbà pé ọjà kan wà tí kò ní ibi tó ń lọ, tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ tó kàn lè jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ bákan náà. Ẹ fi sítọ́ọ̀pù sí píìpù 20 nísàlẹ̀, ẹ fi tágẹ́ẹ̀tì sí 40 lókè. Èwo ni ọjà yóò kọ́kọ́ dé? Èyí tó sún mọ́ ni yóò máa dé jù. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, yóò dé tágẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, yóò dé sítọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. 33.3%, ìyẹn ojú ọ̀mì gan-an. Bí ẹ bá gbé tágẹ́ẹ̀tì lọ sí 60, yóò máa dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ojú ọ̀mì yóò sì di 25%. Bí ẹ bá fà á wálẹ̀ sí 20, yóò máa jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, ojú ọ̀mì yóò sì di 50%. Ibikíbi tí ẹ bá gbé e sí, iye tó ń jẹ yóò tẹ̀ lé e lọ, owó kò ní kúrò lójú kan. Jíjìnnà tágẹ́ẹ̀tì kò dá èrè sílẹ̀. Ohun tó ń dá èrè sílẹ̀ ni pé kí ibi tí a ti wọ ọjà mú kí ó máa dé tágẹ́ẹ̀tì ju bí kọ́bọ̀ tí a sọ sókè yóò ti ṣe lọ.

Ti kọ́bọ̀ pàápàá kò dé ojú ọ̀mì, nítorí owó ọjà. Sípírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa ń tó ààbọ̀ píìpù. Bó ti rà báyìí, ó ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ààbọ̀ píìpù náà: ọjà ní láti rin 40.5 kó tó dé tágẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n 19.5 péré ni yóò rìn kó tó dé sítọ́ọ̀pù. 19.5 nínú 60 jẹ́ 32.5%. Bí ẹ bá fi ìyẹn ṣírò, yóò pàdánù $0.25 lórí tírédì kan, èyí tí í ṣe owó sípírẹ́ẹ̀dì gẹ́lẹ́. Fi kọmíṣọ́ọ̀nù $0.35 lé e, ó di $0.60. Ẹni tó kàn ń sọ kọ́bọ̀ sókè láti mọ̀ bóyá kí òun rà tàbí kí òun tà yóò pàdánù bíi $60 nínú tírédì 100. Àbúrò mi ṣe àmì lórí ṣáátì, ó ka ìròyìn, ó pàdánù $195. Pé orí kò bá a ṣe é ló mú un tó bẹ́ẹ̀ ní apá kan, nítorí pé 27 sí 32 kò jìnnà síra nínú 100. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú ìwé náà tó fi hàn pé ibi tó ń wọlé sàn ju ti kọ́bọ̀ lọ.

Kọmíṣọ́ọ̀nù yìí tún gbé ojú ọ̀mì ètò náà fúnra rẹ̀ sókè. Àdánù di $10.35, èrè di $19.65, nítorí náà kì í ṣe 33.3 ló gbọ́dọ̀ máa lé mọ́, 34.5% ni. Ó kéré lójú. Ẹni tó ń fi sítọ́ọ̀pù sí píìpù 5 tó ń wá 10 pẹ̀lú kọmíṣọ́ọ̀nù kan náà, ojú ọ̀mì tirẹ̀ ti di 38%, nítorí pé píìpù 0.7 pọ̀ lára márùn-ún ju bó ti pọ̀ lára ogún lọ.

Nígbà tí a ti ń lọ sí òpin ni mo rí i pé aago tó ń wọlé pín sí méjì. Ó máa ń ta láàárọ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé ibi iṣẹ́, nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù bá ń ṣí, ìyẹn aago mẹ́jọ tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́sàn-án nígbà òtútù tiwọn. Ó sì máa ń ta lálẹ́ tó bá ti jẹun tán. Tírédì àárọ̀ jẹ́ 38, ti alẹ́ jẹ́ 62. Mo pín 27 tó jẹ lábẹ́ ètò sí méjèèjì. Mẹ́rìnlá wà láàárọ̀, mẹ́tàlá wà lálẹ́.

Ti alẹ́: 13 nínú 62 jẹ́ 21%. Ó jìnnà sí 34.5, $251.70 ló sì kó lọ. Ti àárọ̀: 14 nínú 38 jẹ́ 36.8%. Ó kọjá ojú ọ̀mì. Èrè ìrètí rẹ̀ jẹ́ $0.70 lórí tírédì kan lẹ́yìn kọmíṣọ́ọ̀nù.

Ojú àbúrò mi là. Ó ní òun ti mọ̀, pé alẹ́ ni kò dáa. Àlàyé sì wà tó bá a mu: Lọ́ńdọ̀nù ti pa ìlẹ̀kùn, pọ́n-ùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, sípírẹ́ẹ̀dì sì máa ń fẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ọjà bá ń yí padà ní Niú Yọ́ọ̀kì, aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ tiwa. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí a ti rí nọ́ńbà ni a wá àlàyé, ìyẹn kò sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ká ní àárọ̀ ló burú ni, a ì bá ti rí àlàyé tiẹ̀ náà.

Mo ní kó yọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́rìnlá, kó sọ ọ́ di àdánù. Ó ṣe é: 13 nínú 38 jẹ́ 34.2%. Ó ti wọ abẹ́ ojú ọ̀mì, $26.70 tó wà lọ́wọ́ ti di gbèsè $3.30. Tírédì kan, ní ọjọ́ kan, tí ọjà ì bá ti yà ní píìpù díẹ̀ kó tó dé tágẹ́ẹ̀tì, ló wà láàárín “mo ní ọ̀nà” àti “mi ò ní.” Lórí tírédì 38, ìwọ̀n tó bá jẹ́ 36.8 lè ṣàdédé yà sọ́tùn-ún tàbí sósì ní bíi 8 láìsí ìdí kankan. Kódà bó bá jẹ́ pé 40 nínú 100 ni ọ̀nà rẹ̀ ń jẹ ní ti òdodo, yóò tó tírédì 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó lè fọkàn tán an pé ó kọjá 34.5 lóòótọ́.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé kó fi alẹ́ sílẹ̀, kó máa ta láàárọ̀ nìkan, kó sì sọ lọ́ọ̀tì di 0.01. Píìpù kan di $0.10, ó ń fi $2 wá $4, kọmíṣọ́ọ̀nù di sẹ́ńtì 7. Ojú ọ̀mì kò yí padà nítorí pé ohun gbogbo kéré pọ̀, 34.5% náà ni, ṣùgbọ́n $305 tó kù yóò pẹ́ tó láti rí tírédì 300. Ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ibi tó wọlé, sítọ́ọ̀pù tó kọ́kọ́ fi sí, ibi tó jáde, àti ibi tí ọjà ì bá kọ́kọ́ dé bó bá fọwọ́ pa á. Òpó kẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun ni kò ní jẹ́ kó tún kó ìwọ̀n jíjẹ tọ̀tún dàpọ̀ mọ́ èrè tòsì.

Kó tó lọ, ó bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá wá pé 300 tó sì jẹ́ 33 nínú 100 ńkọ́? Ṣebí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ nìyẹn?” Mo ní kó ṣírò ọ́ kí n rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀: 0.33 × 4 − 0.67 × 2 − 0.07. Sẹ́ńtì 9 ló ń jáde lórí tírédì kan. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé bí kò bá kọjá 34.5, òun yóò ti akáǹtì pa.